Ìdérí méjì fún ìdí àgbàdo kan: ohun tí mo rí kọ́ nídìí títúmọ̀ ìwé fatiláísà

Ìwé pélébé kan ni wọ́n gbé fún mi pé kí n túmọ̀ sí Yorùbá fún àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn. Àwọn tó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Gbólóhùn tí gbogbo rẹ̀ dúró lé ni pé kí àgbẹ̀ fi 300 kílò NPK 15-15-15 sí hẹ́kítà oko àgbàdo kan nígbà tí àgbàdo bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì fi 100 kílò yúríà tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. Mo túmọ̀ rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ já geere, àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún mi sì yìn ín. Àmọ́ nígbà tí a kà á sétí àwọn tí a torí wọn kọ ọ́, kò sẹ́ni tó rí ohun kan dì mú lọ sóko nínú rẹ̀.

Bàbá kan tó ti ń gbin àgbàdo kí wọ́n tó bí mi gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Tíṣà, o ṣé o. Ṣùgbọ́n síkéèlì wo ni mo fẹ́ gbé lọ sóko? Hẹ́kítà tí o sì ń pè yẹn, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí?" Àwọn tó kù mi orí. Éékà ni wọ́n mọ̀, ìyẹn bí oníkatakata bá ṣe wọ̀n ọ́n kó tó gba owó rẹ̀. Báàgì ni wọ́n mọ̀, tàbí ààbọ̀ báàgì, tàbí kóńgò fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó báàgì. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń fi í sí ìdí àgbàdo, wọ́n ní àwọn ń fi ọwọ́ bù ú ni. Mo ní kí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bu ìwọ̀n tí wọ́n máa ń bù fún ìdí kan, a sì wọ̀n ọ́n níwájú gbogbo ènìyàn. Ti bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ, bẹ́ẹ̀ oko kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe, ní ọjọ́ kan náà.

Ìgbà yẹn ló hàn sí wa pé nọ́ńbà inú ìwé náà ni a ní láti kọ́kọ́ túmọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ṣe ìṣírò rẹ̀ nìyí. Àlàfo tí ìwé náà fọwọ́ sí ni 75 sẹ̀ǹtímítà láti ìlà kan sí èkejì, àti 50 sẹ̀ǹtímítà láti ìdí kan sí èkejì lórí ìlà, pẹ̀lú igi àgbàdo méjì ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín hẹ́kítà kan báyìí, ìdí àgbàdo 26,667 ni yóò wà nínú rẹ̀. Bí a bá pín 300 kílò NPK fún wọn, gíráàmù mọ́kànlá àti díẹ̀ ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Tí a bá pín 100 kílò yúríà bákan náà, kò tó gíráàmù mẹ́rin. Ẹ ò wá rí i bí ó ti kéré tó. Òun ni gbogbo hẹ́kítà àti kílò inú ìwé náà wá já sí, òun nìkan sì ni ọwọ́ àgbẹ̀ lè ṣe nínú gbogbo rẹ̀.

Ó kù kí a rí ohun tí yóò máa wọn gíráàmù mọ́kànlá. Kóńgò ló kọ́kọ́ wá sí ọkàn gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó ti tóbi jù fún ìdí kan, kóńgò ọjà kan kò sì bá ti ọjà kejì dọ́gba. Àwọn mìíràn ti lu ìdí tiwọn wọnú. Agolo mílíìkì náà tóbi. Páálí ìṣáná sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n fatiláísà máa ń fa omi, bí ọwọ́ bá sì tutù, páálí náà yóò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹnì kan nínú wa rántí ohun tí àwọn onímọ̀ ICRISAT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ gbígbẹ, ti fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ oníjéró ní Nìjẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè Sàhẹ́lì yòókù: ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń wọn fatiláísà síbẹ̀, ìdérí kan sí ihò kan. Ìdérí ìgò omi oníke kò ṣọ̀wọ́n ní Òkè-Ògùn. Ó wà lójú títì, ó wà ní gáréèjì, ó wà nídìí ilé ayẹyẹ. A mú un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ìdérí láti ẹnu ẹnikẹ́ni láìwọ̀n ọ́n fúnra yín, kódà láti ẹnu tèmi. Síkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì ni a yá. A kì í wọn ìdérí kan ṣoṣo, nítorí àṣìṣe síkéèlì lè tó ìdajì ohun tí a ń wọ̀n. Ìdérí mẹ́wàá ni a máa ń dà sínú abọ́ kan, tí a óò wá fi mẹ́wàá pín ohun tí síkéèlì bá sọ. Ìdérí mẹ́wàá NPK tí ó kún dé ẹnu gẹ́ẹ́ jẹ́ gíráàmù 56. Ìdérí méjì á jẹ́ gíráàmù mọ́kànlá àti díẹ̀, ó bá ohun tí a ń wá mu rẹ́gí. Inú wa dùn, ẹni tó ń ya àwòrán sì fẹ́ ya ìdérí méjì fún NPK, kí ó ya méjì fún yúríà náà, kí ó má baà rú àgbẹ̀ lójú.

A dá a dúró kí a lè wọn yúríà. Ìdérí kan náà, ọwọ́ kan náà, ìdérí mẹ́wàá yúríà kò ju gíráàmù 42 lọ. Hóró yúríà fúyẹ́ ju ti NPK lọ. Bí méjèèjì bá kún ohun èlò kan náà, wọn kì í wúwo bákan náà. Ìdérí kan yúríà jẹ́ gíráàmù mẹ́rin àti díẹ̀, ó sì tó fún ìdí kan. Ká ní a ti ya ìdérí méjì sílẹ̀ ni, àgbẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e yóò fi báàgì yúríà mẹ́rin àti ààbọ̀ sí hẹ́kítà tó yẹ kó gba báàgì méjì. Owó rẹ̀ yóò ṣòfò, àgbàdo rẹ̀ á tún jóná ní ìdí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tó ń gba ẹ̀kún rọ́pò ohun tó ń gba ìwúwo gbọ́dọ̀ wọn fatiláísà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì tún un wọ̀n nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá yí padà.

Ìdérí fúnra rẹ̀ tún mú ìṣòro mìíràn wá. Ti ìgò mínírà ga ju ti ìgò omi lọ, àwọn ìgò omi kan tí wọ́n ń tà nísinsìnyí sì ní ìdérí tó kúrú bí ẹni pé wọ́n gé e. Bí a bá kàn kọ "ìdérí ìgò" sílẹ̀, gbogbo wọn ló wọ inú rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a ya ìdérí tí a wọ̀n bí ó ṣe tóbi gan-an: òbìrìkìtì kan tí àgbẹ̀ lè gbé ìdérí tirẹ̀ lé, àti àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó lè fi wo gíga. Tí tirẹ̀ bá bò ó mọ́lẹ̀ láìyọ sóde, tí gíga rẹ̀ sì dọ́gba, kó lò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá òmíràn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló fẹ́ràn ojú-ewé yìí jù, àwọn ni wọ́n sì ń bá àwọn òbí wọn ṣa ìdérí tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ àwòrán gba àkókò ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀nà tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a kò bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ó yé yín?" Ta ni yóò sọ pé kò yé òun níwájú àlejò? A máa ń gbé àwòrán náà síwájú ẹnì kan láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀, a ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí níbí? Kí ni ẹni yìí ń ṣe?" A ó wá dákẹ́. Ayàwòrán wa ti ya hóró fatiláísà ní ńlá kí ó lè hàn. Ìyá àgbàlagbà kan wò ó, ó ní ẹyin awó ni. Ó ti ya ilẹ̀ bí ẹni tó là á sí méjì, kí gbòǹgbò lè hàn nísàlẹ̀. Àwọn mélòó kan ní àgbàdo tí omi ti hú ni. Ọwọ́ kan tí a gé ní ọrùn ọwọ́, tó ń da fatiláísà, kó ìpayà bá àwọn kan, wọ́n bi wá pé níbo ni ara tó kù wà. Àmì pupa tí a fi dá àwòrán ohun tí kò dára lẹ́bi, irú èyí tí ìjọba máa ń fi ọ̀dà kùn sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó, rán ọ̀pọ̀ létí ilé wíwó, kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

A tún gbogbo wọn yà. Odindi ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo báyìí, obìnrin nínú àwòrán kan, ọkùnrin nínú òmíràn. Fatiláísà wà nínú báàgì rẹ̀, nọ́ńbà 15-15-15 sì hàn lára báàgì. Dípò àmì pupa, a ya ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: lápá kan, ẹni tó ń da fatiláísà sórí ewé; lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbàdo yẹn kan náà tí ewé rẹ̀ ti gbẹ, tí ẹni náà fọwọ́ lérán. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ìtumọ̀ èyí. Àwòrán ilẹ̀ tí a là ni a yọ kúrò pátápátá, a sì fi ìka wọn jíjìn ihò.

Ìka àti ara ni a fi rọ́pò sẹ̀ǹtímítà jákèjádò. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní kí ihò fatiláísà jìnnà sí igi àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ, kó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ìbú ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀ wà láàárín ìyẹn, ìka ìlábẹ̀ tí a tì bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì sì tó ìjìnlẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àgbẹ̀ tó mọ ìdí kì í gbàgbé: bí iyọ̀ ni fatiláísà ń ṣe, bí ó bá sún mọ́ gbòǹgbò jù, omi inú gbòǹgbò ni yóò fà jáde. Ó sì yẹ kí a bò ó, pàápàá yúríà. Bí a bá fi yúríà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, yóò di èéfín tí a kò rí, yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìyẹn ni òórùn bí ìtọ̀ tó máa ń ta síni nímú lóko. Erùpẹ̀ tó bò ó ni kì í jẹ́ kó lọ. Bàbá tó béèrè síkéèlì lọ́wọ́ mi nígbà àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ èyí. Ó ní, "Ṣé owó mi ni mo ti ń gbóòórùn láti ọjọ́ yìí!"

Ọ̀sẹ̀ náà kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kan ṣì ń ka ọ̀sẹ̀ mọ́ ọjọ́ ọjà wọn, tí kì í ṣe ọjọ́ méje. Àwọn mìíràn kò kọ ọjọ́ tí wọ́n gbìn sílẹ̀, òjò sì lè mú kí èyí tí a gbìn lẹ́yìn bá èyí tí a kọ́kọ́ gbìn dọ́gba. Ara àgbàdo ni a wá ń wò. NPK wọlé nígbà tó bá ní ewé mẹ́rin tó ṣí dáadáa. Yúríà wọlé nígbà tó bá ga dé orúnkún àgbàlagbà, tí ilẹ̀ sì tutù, tí òjò ńlá kò sì ṣú. A lo fatiláísà nínú ìwé náà, a kò lo ajílẹ̀, nítorí ajílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni ìgbẹ́ adìẹ àti pàǹtírí, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdérí wọn ìgbẹ́ adìẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá kan gbà kí a dán ìwé náà wò lóko òun. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, nítorí òun ló kọ́ wa ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Oko rẹ̀ tó nǹkan bí ààbọ̀ éékà: ìlà 40, ìdí àgbàdo 130 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,200. Ìdérí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ṣírò rẹ̀ pé yóò gbà bíi kílò 58, ìyẹn báàgì kan àti kílò mẹ́jọ. Báàgì àkọ́kọ́ sì yẹ kó tán bí a bá ti wọ ìlà karùndínlógójì. Ìyá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àwa náà sì jókòó sábẹ́ igi, a kò dá sí i. Báàgì tán ní ìlà karùndínlọ́gbọ̀n.

Ìyá rò pé wọ́n ti yọ nínú báàgì náà. Ó ṣeé ṣe, nítorí àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí síkéèlì ni a ti gbé báàgì yẹn kúrò kó tó wọ oko. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wọn ìdérí kan fún mi. Ó bù ú, ó kún, ó sì ga sókè bí òkìtì. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi ga báyìí?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn kò kọ́. Ó ní, "Ṣé kí n máa ṣahun sí àgbàdo mi ni?" Aláta ni ìyá náà lọ́jọ́ ọjà. Lọ́jà, ẹni tó bá fi ọwọ́ gé òṣùwọ̀n lórí ni ahun. Ẹni rere ni í jẹ́ kó ga, tí á sì tún bu ènì lé e. Ọwọ́ tó fi ń ta ata ló gbé wá sí oko. A ṣírò rẹ̀ padà: báàgì kan ní ìlà 25 jẹ́ gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé díẹ̀ fún ìdí kọ̀ọ̀kan, dípò mọ́kànlá.

Ìdí nìyí tí àwòrán tuntun fi wọ inú ìwé náà, tí ẹni kan fi ìka nu orí ìdérí kí ó tẹ́jú, tí èyí tó yọ sì ń bọ́ padà sínú abọ́ tó gbé lọ́wọ́, kì í bọ́ sílẹ̀. A kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èyí tó padà sínú abọ́ yẹn ni ti ìlà tó kù. Ìyá gba èyí, ó sì fi parí ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù pẹ̀lú ìwọ̀n tó tọ́.

Láti ara oko yìí náà ni a ti rí ọ̀nà tí àgbẹ̀ lè fi yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò láìsí síkéèlì. Bí ìdérí bá tẹ́jú, báàgì NPK kan máa ń tó ìdí àgbàdo 4,400. Àwọn àgbà tó ń ka ebè ní igba igba kò ní wàhálà pẹ̀lú èyí, igba méjìlélógún ni. Kí àgbẹ̀ ka ìdí tó wà lórí ìlà kan, kí ó mọ ìlà tí báàgì yẹ kó tán sí, kí ó sì gbé imọ̀ ọ̀pẹ síbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí báàgì bá tán kí ó tó dé ibẹ̀, ọwọ́ ń pọ̀ jù, tàbí ìdérí tóbi jù, tàbí báàgì kò pé. Tó bá kọjá ibẹ̀ tó sì ṣẹ́kù, àwọn ọmọ ń fo ìdí kan. Gbogbo ẹni tó ní ìlà tí kò bá ti ìwé náà mu pẹ̀lú lè lò ó, nítorí ìdí àgbàdo ni a ń kà, a kò ka ilẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí ìwé náà kò lè dé, a sì kọ wọ́n sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Àgbàdo nìkan ni ìdérí méjì wà fún. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́tọ̀. Bí báàgì bá sì jẹ́ 20-10-10, tí òun náà wà lọ́jà dáadáa, ìdérí méjì rẹ̀ yóò fún àgbàdo ní náítírójìn tó pọ̀ ju ti 15-15-15 lọ, tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ yóò sì dín kù. Fún ẹni tó bá ra irú èyí, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó sún mọ́ ọn ni kó kọ́kọ́ lọ. Àwọ̀ hóró kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí àwọ̀ NPK máa ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Nọ́ńbà ara báàgì ni kó wò.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣe irú ìwé yìí mọ̀ ni ti ẹ̀dà ṣíṣe. Kò pẹ́ tí a pín in tán tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nílé ìtẹ̀wé kéékèèké, ẹ̀rọ ẹ̀dà ibẹ̀ sì máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè wọ inú ìwé. Òbìrìkìtì ìdérí wa kéré sí i, ẹni tó bá sì gbé ìdérí lé e yóò rò pé tòun ti tóbi jù. A wá fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ti owó bébà igba náírà gan-an, a sì ya owó náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tó mú ìwé náà dání kọ́kọ́ tẹ́ igba náírà sórí ìlà yẹn. Bí owó bá gùn ju ìlà lọ, ẹ̀dà náà ti sún kì. Kó má fi òbìrìkìtì rẹ̀ wọn ìdérí rárá, kó wá ẹni tó ní ojúlówó ìwé náà, kó bá a fi tirẹ̀ wọ̀n ọ́n.